Ṣóńṣó wà ní 24.10 àbí 24.05? Bí a ṣe ń fi dẹrífátífù wá ojú ìdọ́gba nínú títíréṣọ̀n

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Mo fi sódíọ̀mù háídírọ́ksáìdì 0.1000 mólù nínú lítà ṣe títíréṣọ̀n ásíìdì ásẹ́tíìkì, 25.00 mílílítà, mo sì ń ka pH lórí mítà. Nígbà tí mo ṣírò dẹrífátífù kìíní, ṣóńṣó rẹ̀ bọ́ sí 24.10. Dẹrífátífù kejì gba òdo kọjá ní 24.15. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi dátà kan náà rí 24.05. Mo wá tún un ṣe, mo ń fi 0.02 mílílítà kún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó lè péye, ṣùgbọ́n ńṣe ni dẹrífátífù kejì ń fò sókè fò sódò, ó gba òdo kọjá níbi márùn-ún. Èwo ni kí n kọ sílẹ̀?*

Àbúrò mi, 24.05 ni kí o kọ. Kì í ṣe pé ọwọ́ ẹnìkejì rẹ dá ju tìrẹ lọ. Dátà kan náà ni, ìṣirò kan náà ni, àfi pé ìwọ kọ ìdáhùn ìyọkúrò kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ kíkà tó gbẹ̀yìn, òun sì kọ ọ́ sí àárín kíkà méjèèjì. Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo sì fi ń dá búrẹ́ẹ̀tì lẹ́bi.

Jẹ́ ká mú àwọn kíkà tí o fi ránṣẹ́, àwọn tó sún mọ́ ojú ìdọ́gba nìkan, ìyẹn ibi tí béèsì tó wọlé ti tó gẹ́lẹ́ láti pa gbogbo ásíìdì náà rẹ́. Àwọn tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀, láti òdo títí dé 23.50, kò ní í ràn wá lọ́wọ́ fún ìṣirò yìí, nítorí pH kò fi bẹ́ẹ̀ yára níbẹ̀.

| Béèsì tó ti wọlé (mílílítà) | pH |
|---|---|
| 23.60 | 6.50 |
| 23.70 | 6.61 |
| 23.80 | 6.76 |
| 23.90 | 6.99 |
| 24.00 | 7.54 |
| 24.10 | 9.91 |
| 24.20 | 10.33 |
| 24.30 | 10.54 |
| 24.40 | 10.68 |

Dẹrífátífù kìíní kò ju ìbéèrè kan lọ: láàárín kíkà kan àti èyí tó tẹ̀ lé e, pH fi mélòó gòkè fún mílílítà kan? Láti 24.00 dé 24.10, pH kúrò ní 7.54, ó di 9.91. Ó gòkè ní 2.37. Ìgbésẹ̀ tí a gbé jẹ́ 0.10 mílílítà, nítorí náà 2.37 pín sí 0.10 yóò fún wa ní 23.7.

Ibí yìí gan-an ni wàhálà rẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló ni 23.7? Kì í ṣe 24.00 ló ni ín, kì í sì í ṣe 24.10. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà láti ọ̀kan dé èkejì ni. Bí ẹnì kan bá kúrò ní abúlé kan ní aago mẹ́jọ, tó dé èkejì ní aago mẹ́sàn-án, tí a sì ní máìlì mẹ́rin ló rìn, a kò lè sọ pé ní aago mẹ́sàn-án gan-an ló ń rin máìlì mẹ́rin ní wákàtí kan. Ó ṣeé ṣe kó ti dúró nígbà náà. Bí a bá fẹ́ fún eré yẹn ní àkókò kan ṣoṣo, aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni a óò yàn, nítorí òun ló wà láàárín. Bẹ́ẹ̀ náà ni 23.7 ṣe jẹ́ ti 24.05.

Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn, dẹrífátífù kìíní yóò rí báyìí: ní 23.65 ó jẹ́ 1.1, ní 23.75 ó jẹ́ 1.5, ní 23.85 ó jẹ́ 2.3, ní 23.95 ó jẹ́ 5.5. Lẹ́yìn náà ló fò sí 23.7 ní 24.05. Ní 24.15 ó já wálẹ̀ sí 4.2, ní 24.25 ó di 2.1, ní 24.35 ó di 1.4. Ṣóńṣó wà ní 24.05, kò sí ní 24.10.

Wàyí o, dẹrífátífù kejì. Ohun kan náà ni a tún ń ṣe, ṣùgbọ́n dẹrífátífù kìíní ni a ń yọ kúrò lára ara wọn lọ́tẹ̀ yìí, a sì ń pín èyí tó kù sí jíjìnnà tó wà láàárín ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà. Láti 23.95 dé 24.05, ó kúrò ní 5.5 di 23.7. Ìyàtọ̀ jẹ́ 18.2, jíjìnnà jẹ́ 0.10, nítorí náà a ní 182. Àárín 23.95 àti 24.05 ni 24.00. Láti 24.05 dé 24.15, ó kúrò ní 23.7 di 4.2, ìyẹn ni pé ó dín 19.5, a sì ní −195 ní 24.10. Ṣàkíyèsí pé bí ìgbésẹ̀ bá dọ́gba, dẹrífátífù kejì á padà bọ́ sórí ìwọ̀n tí o kà lójú búrẹ́ẹ̀tì gan-an. Ìwọ tún ti í síwájú lẹ́ẹ̀kejì, ìdí nìyẹn tí tìrẹ fi jìnnà ju ti ṣóńṣó lọ. Ìdajì ìgbésẹ̀ sọnù ní ti àkọ́kọ́, ìdajì míì sọnù ní ti èkejì, àpapọ̀ rẹ̀ sì ni 0.10 mílílítà tó fi gbé ọ dé 24.15.

Ní 24.00 iye náà wà lókè òdo, ní 24.10 ó ti bọ́ sí ìsàlẹ̀ òdo. Ojú ìdọ́gba wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí a bá fa ìlà tààrà láti 182 sí −195, ibo ni yóò ti gé òdo? Gbogbo ọ̀nà tí ìlà náà rìn wálẹ̀ jẹ́ 182 pẹ̀lú 195, ìyẹn 377. Kó tó kan òdo, ó ti rin 182 nínú rẹ̀. Nítorí náà:

```
24.00 + 0.10 × 182/377 = 24.048
```

Ìyẹn ni 24.05. Bí o bá ń lo àtẹ ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, fi ìwọ̀n béèsì sí òpó A, pH sí òpó B, kí kíkà àkọ́kọ́ wà ní ìlà 2. Kọ àwọn wọ̀nyí, kí o sì fa mẹ́rin àkọ́kọ́ wálẹ̀:

```
C2: =(A2+A3)/2
D2: =(B3-B2)/(A3-A2)
E2: =(C2+C3)/2
F2: =(D3-D2)/(C3-C2)

=E5+(E6-E5)*F5/(F5-F6)
```

Òpó C ni ipò dẹrífátífù kìíní, òpó E ni ti èkejì. Má ṣe ya D sí A lórí gíráàfù láéláé. C ni kí o yà á sí. Ìlà tó gbẹ̀yìn ni ìṣirò òdo, fún dátà tìrẹ yìí tí ìyípadà láti òkè òdo sí ìsàlẹ̀ wáyé láàárín F5 àti F6. Mo fi C3 dín C2 pín F2, n kò kọ 0.1 sí i, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi 0.50 rìn ní ìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó wá dín ìgbésẹ̀ wọn kù. Níbi tí ìgbésẹ̀ ti yí padà, jíjìnnà láàárín àwọn àárín kò bá ìgbésẹ̀ kankan mu, ẹni tó bá sì pín in sí 0.1 yóò rí ṣóńṣó èké níbẹ̀.

Kó tó di pé mo kan ọ̀rọ̀ 0.02, mo fẹ́ kí o wo ohun tí dẹrífátífù kejì ṣe fún wa ní tòótọ́, nítorí òun ni yóò là ọ́ lójú sí ìyókù. Nọ́ńbà mẹ́ta péré ló lò: 23.7 tó jẹ́ ṣóńṣó, àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ méjèèjì, 5.5 lápá òsì àti 4.2 lápá ọ̀tún. Kò mú ìròyìn tuntun kankan wá látinú mítà. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wo èwo nínú aládùúgbò méjèèjì ló ga jù. Èyí tó bá ga jù ló sún mọ́ ojú ìdọ́gba, yóò sì fa ìdáhùn sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Níhìn-ín 5.5 ga ju 4.2 lọ, nítorí náà ìdáhùn fi díẹ̀ sún sí òsì àárín: 24.048 dípò 24.050. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ìdáhùn ò bá wà ní àárín gẹ́lẹ́. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í gba ẹni tó bá sọ pé dẹrífátífù kejì "péye ju" ti kìíní lọ láìsí àlàyé. Ó kàn ń jẹ́ ká lè sọ̀rọ̀ nípa ohun tó wà nínú ìgbésẹ̀ kan láìfi ojú wọn ún lórí gíráàfù ni.

Ìwọ wá rò ó pé bí ìgbésẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ìdáhùn yóò ṣe dára tó. Nínú ìṣirò orí ìwé, òótọ́ ni. Lórí tábìlì yàrá ìdánwò, kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí mítà rẹ kò kà ju ìdá ọgọ́rùn-ún pH lọ. Kíkà kọ̀ọ̀kan lè fi 0.01 ju bó ṣe yẹ lọ tàbí kó fi 0.01 dín. Dẹrífátífù kejì lo kíkà mẹ́ta: ó mú ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí kún ara wọn, ó sì yọ ti àárín kúrò lẹ́ẹ̀mejì. Bí gbogbo àṣìṣe bá burú lọ sí apá kan náà, àpapọ̀ wọn jẹ́ 0.04. Ìyẹn kéré lójú. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ lọ́nà ìgbésẹ̀ ni a ń pín in sí. Fún 0.10, ìyẹn 0.01, àṣìṣe náà sì di 4. Fún 0.02, ìyẹn 0.0004, àṣìṣe kan náà di 100. O dín ìgbésẹ̀ kù ní ìlọ́po márùn-ún, àṣìṣe inú dẹrífátífù kejì sì pọ̀ sí i ní ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Fi èyí wé ohun tó yẹ kí o rí. Ní 23.80, tó fi bí 0.25 mílílítà jìnnà sí ojú ìdọ́gba, dẹrífátífù kejì tòótọ́ kò ju nǹkan bí 7 tàbí 8 lọ. Nọ́ńbà tó jẹ́ 8, tí àṣìṣe lè gbé sókè tàbí sódò ní 100, kò lè dúró lójú kan. Yóò máa gba òdo kọjá bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n bí o bá ti wọnú nǹkan bí 0.07 mílílítà sí ojú ìdọ́gba, yálà láti òsì tàbí láti ọ̀tún, iye tòótọ́ á ti ju 100 lọ, bó bá sì ti sún mọ́ ọn síi á di ọgọ́rọ̀ọ̀rún, á di ẹgbẹ̀rún. Níbẹ̀, àṣìṣe kò lè bò ó mọ́lẹ̀ mọ́. Nítorí náà, nínú ibi márùn-ún tí tìrẹ ti gba òdo kọjá, wo èyí tó wáyé láàárín iye ńlá lókè òdo àti iye ńlá nísàlẹ̀ òdo, lábẹ́ ṣóńṣó dẹrífátífù kìíní. Òun nìkan ni ojú ìdọ́gba. Mẹ́rin yòókù jẹ́ gbígbọ̀n mítà.

Búrẹ́ẹ̀tì náà tún ní tirẹ̀. Búrẹ́ẹ̀tì 50 mílílítà ni a fi ìlà pín sí 0.1, ojú ni a sì fi ń fojú bu 0.01. Bí kíkà ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí bá fi 0.01 yẹ̀ ẹ́ lápá méjèèjì, ìgbésẹ̀ tí o kọ ní 0.02 lè jẹ́ 0.04 ní tòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé ohunkóhun kò wọlé rárá. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo láti ẹnu búrẹ́ẹ̀tì jẹ́ nǹkan bí 0.05 mílílítà. Ẹni tó ń fi 0.02 rìn ń gé ẹ̀kán kan sí méjì tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń fi ẹnu búrẹ́ẹ̀tì kan ara bíkà, ó sì ń fi omi ṣan án wọlé. Ó ṣeé ṣe, mo ti rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n n kò gbà pé àǹfààní inú rẹ̀ tó wàhálà náà. Fún 0.1 mólù nínú lítà, 0.10 mílílítà ni èmi máa ń lò lẹ́bàá ojú ìdọ́gba. Ẹ̀rọ tó ń ṣe títíréṣọ̀n fúnra rẹ̀ lè lo ìgbésẹ̀ tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí búrẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ kì í ṣe ojú ni a fi ń kà á, ó sì mọ bí a ṣe ń mú kíkà rọlẹ̀ kó tó ṣe ìyọkúrò.

Má da dátà 0.02 rẹ nù o. Ohun tí màá ṣe sí i nìyí: mú kíkà kan nínú márùn-ún, kí ìgbésẹ̀ lè padà di 0.10. Bẹ̀rẹ̀ láti kíkà àkọ́kọ́, mú ìkẹfà, mú ìkọkànlá, bẹ́ẹ̀ lọ, kí o sì ṣírò òdo. Lẹ́yìn náà, bẹ̀rẹ̀ láti kíkà kejì, mú ìkeje, mú ìkejìlá. Bó o bá ṣe é títí tí o fi bẹ̀rẹ̀ láti kíkà karùn-ún, wàá ní ìdáhùn márùn-ún láti inú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Mú ìpíndọ́gba wọn.

Wọn kò ní í bára mu pátápátá, ìdí rẹ̀ sì tún yàtọ̀ sí gbígbọ̀n mítà. Ìlà tààrà tí a fà láti 182 sí −195 jẹ́ àbá lásán. Dẹrífátífù kejì gan-an kò rìn ní tààrà níbẹ̀. Fún ásíìdì rẹ yìí, gbogbo fífò pH ńlá náà ṣẹlẹ̀ láàárín ìwọ̀n omi tó kéré gan-an ju 0.10 lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ogiri. Nítorí náà ṣóńṣó máa ń ga débi pé àwọn aládùúgbò rẹ̀ kò lágbára tó láti fa ìdáhùn jìnnà, ìdáhùn a sì máa fà sí àárín ìgbésẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ojú ìdọ́gba bá wà ní àárín ìgbésẹ̀ gẹ́lẹ́, kò sí àṣìṣe. Bí ó bá wà lẹ́bàá etí kan, ìdáhùn lè fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìgbésẹ̀ kan yẹ̀, ìyẹn 0.02 sí 0.03 mílílítà fún 0.10. Ìpíndọ́gba márùn-ún tí mo sọ yẹn ṣe pàtàkì nítorí èyí: nínú ọ̀kan ojú ìdọ́gba á sún mọ́ etí òsì, nínú òmíràn á sún mọ́ etí ọ̀tún, àṣìṣe wọn á sì pa ara wọn rẹ́. Bó o bá rí i pé ìdáhùn márùn-ún náà fi 0.03 tàbí 0.04 yàtọ̀ síra, má bẹ̀rù. Bí wọ́n bá fi 0.10 yàtọ̀, nǹkan míì ti ṣẹlẹ̀.

Nǹkan míì yẹn, nígbà púpọ̀, ni ìkánjú. Láàárín pH 7 àti 10, kò sí báfà kankan nínú omi náà tó lè di pH mú, ẹlẹ́kítíróòdù onígíláàsì sì máa ń lọ́ra níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. O tú béèsì sí i, nọ́ńbà fò dé 9.2, ó dà bíi pé ó dúró, o kọ ọ́ sílẹ̀. Bó o bá ti ní sùúrù díẹ̀ síi, yóò ti gòkè dé 9.91. Wo ohun tí ìyẹn máa ṣe sí dátà rẹ: ní 24.05 dẹrífátífù kìíní á dín sí 16.6, ní 24.15 á ga sí 11.3 dípò 4.2. Aládùúgbò ọ̀tún ti di ńlá, ó sì fa ìdáhùn sọ́dọ̀ ara rẹ̀: 24.07 ni wàá rí. Àmì rẹ̀ ni ṣóńṣó tó fẹ̀ lápá ọ̀tún, nígbà tí apá òsì ṣì gún bí abẹ́rẹ́. Kí o tó kọ kíkà kankan lágbègbè yẹn, jẹ́ kí nọ́ńbà dúró láìyí ju 0.01 lọ fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, kí irin tó ń ro omi náà sì máa yí bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àwọn kan a máa bi mí bóyá mítà tí wọn kò tò dáadáa pẹ̀lú báfà ba gbogbo ìṣirò yìí jẹ́. Bí mítà bá kàn ń fi 0.15 ga ju bó ṣe yẹ lọ níbi gbogbo, ìyọkúrò á ti pa 0.15 náà rẹ́ kó tó dé ibi kankan. Bí ìdagẹ̀ẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́kítíróòdù bá ti dínkù, gíga ṣóńṣó á yí padà, ipò rẹ̀ kò ní í yẹ̀. O tilẹ̀ lè ka mílífóòtì dípò pH, kí ìdáhùn sì jẹ́ ọ̀kan náà. Èyí wà lára ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju kí a máa wá pH kan pàtó tàbí kí a máa wo àwọ̀ ìndíkétọ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe fi gíga ṣóńṣó ṣe ohunkóhun. 23.7 rẹ yẹn kì í ṣe ìdagẹ̀ẹ̀rẹ̀ tòótọ́ ní ojú ìdọ́gba. Ìpíndọ́gba rẹ̀ lórí 0.10 mílílítà ni. Bí a bá fi ìṣirò ìdọ́gba ásíìdì ásẹ́tíìkì wá èyí tòótọ́, á tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà yìí kò sì lè ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ásíìdì tó bá rọ jù, bíi ásíìdì bóríìkì tí pKa rẹ̀, nọ́ńbà tó ń ga bí ásíìdì bá ṣe rọ tó, jẹ́ 9.24, kò ní fífò gidi tí dẹrífátífù lè rí. Òkìtì pẹlẹbẹ lo máa rí dípò ṣóńṣó, gbígbọ̀n mítà á sì bò ó. Bó o bá sì rí òkìtì kékeré kejì níbi tí o kò retí rẹ̀, fura sí béèsì tó ti fa kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì mu látinú afẹ́fẹ́, kó tó di pé o fura sí ìṣirò rẹ.

Bí o bá fẹ́ dá ẹnìkejì rẹ lójú pé 24.05 kì í ṣe àkọsẹ̀bá, fi àwọn kíkà tó wà ṣáájú fífò nìkan yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀nà Gran ni wọ́n ń pè é. Mú ìwọ̀n béèsì ní ìlà kọ̀ọ̀kan, sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 10 tí a gbé sí agbára òdì pH. Ní 23.60 wàá rí 7.46, ní 23.70 wàá rí 5.82, ní 23.80 wàá rí 4.14, ní 23.90 wàá rí 2.45, gbogbo wọn ní ìdá mílíọ̀nù. Wọ́n ń dín ní nǹkan bí 1.67 ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ìlà tí a fi rúlà fà. Èyí tó ṣẹ́kù ní 23.90, 2.45, yóò tán lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kan àti ààbọ̀ ó dín díẹ̀, ìyẹn 0.146 mílílítà, a sì dé 24.046. Ìṣirò yìí kò fọwọ́ kan 24.00, kò fọwọ́ kan 24.10, kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ibi tí ẹlẹ́kítíróòdù ti ń lọ́ra, síbẹ̀ 24.05 náà ló sọ.

Má kọ 24.048 sínú ìwé rẹ. Búrẹ́ẹ̀tì 50 mílílítà tó dára jù, àwọn tí wọ́n ń pè ní kíláàsì A, ni a fún láyè láti fi 0.05 mílílítà yẹ̀, ojú tìrẹ pàápàá kò sì ka ju 0.01 lọ. Kọ 24.05. Sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.1000, pín in sí 25.00, ìki ásíìdì rẹ sì jẹ́ 0.0962 mólù nínú lítà. Ká ní 24.15 lo fi ṣe é ni, 0.0966 lo ò bá rí.